Ìgò bíà kan ní agogo 7 alẹ́: ìgbà wo ni mo lè fún ọmọ lọ́mú?

Ìyá Tìjẹsù
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá. Ọmọ mi ti pé ọ̀sẹ̀ 10, ọmú nìkan ló sì ń mu. Lálẹ́ àná mo fún un lọ́mú ní agogo 7 ku ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ni mo mu ìgò bíà kan, ìgò ńlá ti 600 mílílítà, wọ́n kọ ìdá 5 nínú 100 sí i lára. Agogo 7 ni mo bẹ̀rẹ̀, ó sì tó agogo 8 kí n tó parí rẹ̀. Nígbà tó di agogo 9, ọmú mi ti kún, ó le, ó ń ro mí, ni mo bá fi pọ́ǹpù fún un. Ó tó 90 mílílítà. Mo dà á sínú àpò, mo gbé e sínú fìríìsà. Agogo 9 ààbọ̀ ni ọmọ jí tó ń ké. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n gbé e sọ́mú, èyí tí mo ti fún pamọ́ láàárọ̀ ni bàbá rẹ̀ fi bọ́ ọ.

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ bi yín. Ṣé mo lè fún un lọ́mú ní agogo 9 ààbọ̀ yẹn, níwọ̀n ìgbà tí mo ti fún èyí tó wà nínú ọmú kúrò? Àti èyí tó wà nínú fìríìsà, ṣé mo lè fún un lọ́la nígbà tí ọtí bá ti kúrò lára mi? Kílò 68 ni mo wọ̀n.

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ má dààmú ara yín. Ohun tí èmi ṣe fún àwọn tèmi ni pé mo máa ń fún un, máa dà á nù, èyí tó bá tún sun wá á mọ́. Tí 2 wákàtí bá ti kọjá, ó parí nìyẹn, ẹ fún ọmọ lọ́mú. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú fìríìsà yẹn, ẹ dà á nù.

Màmá Kẹ́hìndé
Ọmọ mi, ìwọ náà kí ló gbé ẹ dé ìdí ọtí nígbà tí oyún wà nínú rẹ? Kódà ẹyọ kan kò dára fún ọmọ inú. Mo ti rí ohun tí ó ṣe fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ìyá Tìjẹsù
Ẹ ṣé mà. Mo ti bímọ o, oyún ti di ọmọ ọ̀sẹ̀ 10. Nígbà tí mo lóyún, mi ò fẹnu kan ọtí rárá.

Agbẹ̀bí Àrìnpé
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìyá Ìbejì ti fi ẹsẹ̀ kan bọ́ sí ojú ọ̀nà, ẹsẹ̀ kejì ni mo fẹ́ bá a tọ́. Òótọ́ ni pé kí wàrà inú fìríìsà yẹn di ohun tí a dà nù. Ṣùgbọ́n fífún ọmú kì í mú ọtí kúrò nínú ọmú.

Ẹ̀jẹ̀ ni ọtí ti ń wọ inú wàrà, ó sì ń padà sínú ẹ̀jẹ̀ bákan náà, kò sí ohun tó dí i lọ́nà. Ìwọ̀n tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni ìwọ̀n tó wà nínú wàrà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́. Ẹ wò ó bí ìkòkò omi méjì tí ihò kan so pọ̀ nísàlẹ̀: tí omi ọ̀kan bá lọ sílẹ̀, ti èkejì á lọ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ lè gbọ́n omi kúrò nínú ìkòkò kejì títí tí ọwọ́ á fi ro yín, omi ìkòkò àkọ́kọ́ á tún wọ ibẹ̀. Ẹ̀dọ̀ yín ni ó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá sì mọ́ ni wàrà mọ́, yálà ẹ fún un tàbí ẹ kò fún un. Kọfí, omi tútù, ìwẹ̀, kò sí èyí tó ń mú ẹ̀dọ̀ yára.

Nítorí náà, ní agogo 9 ààbọ̀, wàrà tó wà nínú ọmú yín ṣì ní ọtí nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti fún un kúrò ní agogo 9. Ó dára tí ẹ fún ọmọ ní èyí tí ẹ pamọ́ láàárọ̀.

Nípa ti àpò inú fìríìsà: nígbà tí wàrà bá ṣì wà nínú ọmú, ọtí inú rẹ̀ lè padà sínú ẹ̀jẹ̀ kí ó lọ. Tí ẹ bá ti fún un jáde, ó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀, ọtí tó wà nínú rẹ̀ ní agogo 9 ni ó máa wà nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Dídì kò mú un kúrò, yíyọ kò mú un kúrò. Ara yín á ti mọ́ lọ́la, àpò náà kò ní mọ́.

Ìyá Tìjẹsù
Háà! Mo rò pé bó bá ti pẹ́ nínú yìnyín, á ti kúrò. Ẹ ṣé gan-an mà. Ìgbà wo ló wá yẹ kí n gbé e sọ́mú lálẹ́ àná?

Agbẹ̀bí Àrìnpé
Ibí ni 2 wákàtí tí Ìyá Ìbejì sọ ti máa ń ṣi àwọn ìyá lọ́nà. 2 wákàtí yẹn, tàbí 2 wákàtí àti díẹ̀, jẹ́ fún ìwọ̀n ọtí kan péré. Ìwọ̀n kan ni bíà 355 mílílítà tí ó jẹ́ ìdá 5, tàbí wáìnì 150 mílílítà tí ó jẹ́ ìdá 12, tàbí ọtí líle 45 mílílítà tí ó jẹ́ ìdá 40. Ìgò kan kò túmọ̀ sí ìwọ̀n kan o. Ìgò yín tó jẹ́ 600 mílílítà sún mọ́ ìwọ̀n méjì, ó lé ní ìwọ̀n kan ààbọ̀. Fún ẹni kílò 68, á tó nǹkan bí 4 wákàtí láti ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mu. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní agogo 7, ẹ ka agogo 11.

Ní agogo 11 yẹn, ẹ kò nílò láti kọ́kọ́ fún ohunkóhun dànù. Ẹ kàn gbé ọmọ sọ́mú ni. Ìdí kan ṣoṣo tí ìyá fi lè fún ọmú láàárín àkókò yẹn ni kí ọmú má bàa le kó ro ó, tàbí kí wàrà má bàa dín kù tí ọmọ bá fo ìgbà kan. Èyí tó bá fún jáde nígbà náà, kí ó dà á nù.

Àkókò tó burú jù láti fún ọmọ lọ́mú ni nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 60 lẹ́yìn tí èèyàn mutí, nítorí ìgbà náà ni ọtí pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ àti wàrà. Tí oúnjẹ bá wà nínú ikùn, ó lè di ìṣẹ́jú 90.

Ìyá Mofẹ́
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àǹtí, wọ́n ní bíà ló ń mú kí wàrà pọ̀. Ìyá ọkọ mi ló fi lọ̀ mí. Mo mu ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ mi kàn ń fa ọmú, á fà á, á fi sílẹ̀, á ké, á tún padà fà á. Inú ń bí i. Mo rò pé wàrà mi ti gbẹ.

Agbẹ̀bí Àrìnpé
Ìyá Mofẹ́, ohun tí ẹ rí yẹn jọ ohun tí ọtí máa ń ṣe. Wàrà yín kò gbẹ. Ọtí ń dí ohun tó ń mú wàrà sun lọ́wọ́. Wàrà wà nínú ọmú, ṣùgbọ́n kì í tètè tú jáde. Ọmọ á fa púpọ̀, á rí díẹ̀. Àwọn tó wọn iye wàrà tí ọmọ mu láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn tí ìyá mutí rí i pé ó dín ní nǹkan bí ìdá 20 nínú 100, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ fà á dáadáa. Ọkà tí wọ́n fi ń ṣe bíà ni àwọn kan ń tọ́ka sí fún ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín, ọtí inú rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lòdì sí i. Tí ẹ bá fẹ́ kí wàrà pọ̀, ẹ máa gbé ọmọ sọ́mú léraléra.

Bàbá Ìrètí
Ẹ má bínú pé ọkùnrin dá sí i. Ìyàwó mi mu ife wáìnì kan, ó gbàgbé, ó sì fún ọmọ lọ́mú láàárín wákàtí kan. Ṣé kí a gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn ni? Ọmọ oṣù 5 ni, ara rẹ̀ yá.

Agbẹ̀bí Àrìnpé
Kò sí ìdí láti sáré lọ, bàbá. Ẹ fi ojú wo iye rẹ̀. Ká ní ẹ̀jẹ̀ ìyá ní ìdá 0.05 nínú 100, èyí tó ju ti ife wáìnì kan ṣoṣo lọ. 100 mílílítà wàrà ni ọmọ mu, 0.05 gíráàmù ọtí ló gbé wọlé, bí ẹ̀kán kan péré. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ọmọ ìkókó kì í tètè lo ọtí bí ti àgbà, pàápàá ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ìdí nìyẹn tí a fi ń ka wákàtí. Tí ọmọ bá ń sùn lọ́nà tí ẹ kò lè jí i, tàbí kò lágbára láti fa ọmú, ẹ gbé e lọ kíákíá, ẹ má dúró.

Ohun tí èmi ń bẹ̀rù lójú ara mi jù wàrà lọ ni ìbùsùn. Ìyá tó mutí kò gbọdọ̀ bá ọmọ sùn lórí ibùsùn kan lálẹ́ náà, bàbá pẹ̀lú. Orun ọtí wúwo, èèyàn kì í mọ̀ pé òun ti fara lé ọmọ.

Màmá Kẹ́hìndé
Mo ti gbọ́ gbogbo àlàyé yín, ẹ ṣé. Síbẹ̀ ìdúró mi kò yí padà. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, kó fi ọtí sílẹ̀ títí tí yóò fi já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ta ló máa ń ka wákàtí tí ọmọ bá ń ké?

Agbẹ̀bí Àrìnpé
Ẹ kò jẹ̀bi, màmá. Kéèyàn má mu ún rárá ni kò ní wàhálà kankan, ohun tí èmi náà kọ́kọ́ ń sọ fún ẹni tó bá bi mí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyá tó máa mu ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò yẹ kó rò pé òun ní láti já ọmọ lẹ́nu ọmú nítorí ife kan.

Ìyá Ìbejì
Èmi ò mọ̀ pé fífún un dànù kì í ṣe nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ara mi bá ti fúyẹ́, tí ojú mi mọ́, ṣé kò fi hàn pé ó ti kúrò nínú wàrà?

Agbẹ̀bí Àrìnpé
Rárá o. Ojú èèyàn lè mọ́ kí ọtí ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀, pàápàá ẹni tó ti mọ́ lára láti máa mu ún. Aago ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìyá Tìjẹsù
Mo ti da àpò náà nù. Ìgbéyàwó àbúrò mi ń bọ̀, ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pé kí n fún wàrà ẹ̀ẹ̀kan sí méjì pamọ́ láàárọ̀, kí n fún ọmọ lọ́mú kí n tó gba ife, kí n mu ife kékeré kan pẹ̀lú oúnjẹ, kí n sì kọ àkókò tí mo bẹ̀rẹ̀ sórí fóònù. Kílò 52 ni àbúrò mi kejì wọ̀n, òun náà ní ọmọ ọwọ́. Ṣé iye wákàtí kan náà ni kó máa kà?

Agbẹ̀bí Àrìnpé
Tirẹ̀ á pẹ́ ju tiyín lọ díẹ̀, nítorí ara kékeré ni ọtí náà pín sí. Fún ìwọ̀n kan, kó ka 2 wákàtí àti ààbọ̀, kó tún fi ìṣẹ́jú díẹ̀ lé e. Tó bá mu ìwọ̀n méjì, kó ka 5 wákàtí àti díẹ̀. Ẹ sọ fún un pé kó wo iye mílílítà àti ìdá tó wà lára ìgò kó tó ṣí i, nítorí wáìnì tó jẹ́ ìdá 14 kò dọ́gba pẹ̀lú ìdá 12, ife ibi ayẹyẹ sì sábà máa ń tóbi ju 150 mílílítà lọ.