Kí la ó pe iṣẹ́ tí ráútà ẹnubodè ń ṣe nínú OSPF?

Ẹni tó béèrè: Mò ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọgbà ńlá kan tó ń gbòòrò. OSPF ni ìlànà tí àwọn ráútà ibẹ̀ fi ń kéde ọ̀nà fún ara wọn, a sì pín wọn sí àgbègbè àgbègbè. Ráútà tó wà láàárín àgbègbè méjì, mo pè é ní ráútà ẹnubodè. Tó bá fi ọ̀nà kan ṣoṣo kéde ọ̀pọ̀ ọ̀nà, ṣé àgékúrú ni, àbí àkópọ̀, àbí ìdìpọ̀? Ibo ló sì yẹ kí ẹnubodè náà wà?

Atúmọ̀-èdè: Àgékúrú. Àtòkọ gígùn ló di kúkúrú, ó parí.

Ẹnjiníà: Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká wo àgbègbè 10. Ilé méjìlá ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ láti 10.10.0.0/24 títí dé 10.10.11.0/24. 10.10.0.0/20 gba mẹ́rìndínlógún, nítorí náà àyè ilé mẹ́rin ṣì ṣẹ́ kù. A ó kọ èyí sórí ráútà ẹnubodè:

```
router ospf 1
 area 10 range 10.10.0.0 255.255.240.0
```

Láti ìgbà náà, ọ̀nà kan ni àgbègbè 0, tó so gbogbo àgbègbè yòókù pọ̀, ń rí dípò méjìlá. Bí okùn ilé kan bá ń já tó ń so, ariwo rẹ̀ kò ní kọjá ẹnubodè, àfi tó bá yí iye owó-ọ̀nà tí ráútà ń kéde padà. Níbi tí nọ́ńbà bá ti pín geere ni kí ẹnubodè wà. Bí ilé kan nínú àgbègbè 10 bá ń lo 10.30.5.0/24, yóò jáde lọ fúnra rẹ̀. Ẹ má fẹ 10.10.0.0/20 náà títí yóò fi gbé e mì, torí yóò gbé nọ́ńbà àgbègbè mìíràn mì pẹ̀lú. Ẹ yí nọ́ńbà ilé náà padà, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni kan láti ilé-iṣẹ́ kékeré: Ráútà mẹ́sàn-án la ní, a sì ti pín in sí àgbègbè mẹ́rin, síbẹ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì wa ń fà.

Ẹnjiníà: Pípín àgbègbè kì í mú íńtánẹ́ẹ̀tì yá, ẹ̀gbọ́n. Ráútà mẹ́sàn-án, ẹ kó gbogbo wọn sí àgbègbè 0.

Olùkọ́ èdè: Ìdìpọ̀ ni mo fara mọ́. Igi kọ̀ọ̀kan ṣì wà nínú ìdì, a kò gé nǹkan kan.

Akẹ́kọ̀ọ́: Bí ẹnubodè bá jẹ́ méjì ńkọ́? Mo rò pé ká kọ ọ́ sórí ọ̀kan ti tó.

Ẹnjiníà: Rárá o. Èkejì yóò máa kéde /24 méjìlá náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ráútà a sì máa yan ọ̀nà tó ṣe pàtó jù, nítorí náà gbogbo ẹrù yóò wọ́ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀, èkínní yóò jókòó lásán. Orí méjèèjì ni kí ẹ kọ ọ́ sí.

Ẹ̀yin tíṣà, ibẹ̀ gan-an ni ìdìpọ̀ ti kùnà. Igi kan péré tó bá ṣẹ́ kù, ráútà á ṣì máa kéde ìdì odidi. Ká ní fáíbà tó so ilé kẹfà mọ́ ìkeje já. Ẹnubodè A ń rí ilé mẹ́fà àkọ́kọ́, B ń rí mẹ́fà tó kù, àwọn méjèèjì sì ń kéde /20. Páákẹ́ẹ̀tì tó ń lọ sí 10.10.8.5 bá dé ọ̀dọ̀ A, A kò ní ọ̀nà pàtó fún un, Null0 tí ráútà fúnra rẹ̀ fi sí ìdí /20 ló sì máa dà á nù sí. Ìdajì àwọn èèyàn á máa ké, ìdajì kò ní mọ nǹkan kan, gbogbo ohun tí àgbègbè 0 ń fi hàn á sì mọ́ kedere. Ẹ tẹ èyí lórí A:

```
show ip route 10.10.8.5
```

Tí ẹ bá rí Null0, ẹ ti mú un. Okùn láàárín A àti B nínú àgbègbè 10 ló ń dènà rẹ̀. Tó bá jẹ́ àgbègbè 0 ni okùn náà wà, kò wúlò fún èyí, nítorí /20 nìkan ni B ń kéde síbẹ̀.

Olùkọ́ èdè: A jẹ́ pé aṣojú ni. Aṣojú a máa sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ẹ pe /20 yẹn ní ọ̀nà aṣojú, kí ẹ sì pe iṣẹ́ náà ní àkópọ̀.

Atúmọ̀-èdè: Àkópọ̀ kò sọ pé ohun kan pamọ́. Èmi ṣì wà lórí àgékúrú.

Ẹni tó béèrè: Màá lo ọ̀nà aṣojú. Null0 wá ńkọ́, kí n túmọ̀ rẹ̀?

Ẹnjiníà: Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohun tí wọn yóò rí lójú ẹ̀rọ nìyẹn.