Báwo ni kí n ṣe ṣàlàyé owó ilé nínú ìṣúná wa?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àjọ kékeré tí kò wà fún èrè ni tiwa, àwa mẹ́ta péré là ń gbowó oṣù. Mo ń kọ àlàyé ìṣúná láti fi tọrọ owó ìrànwọ́ fún iṣẹ́ ìkọ́mọdé níwèé kíkà. Ti ìwé kò le: ọmọ 60, ìwé 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 120. Owó ilé ló dá mi dúró. Lẹ́ẹ̀kan, a kọ “owó ọ́fíìsì, ìdajì”, wọ́n bi wá pé ibo la ti rí ìdajì. Ká sòótọ́, a kàn fojú díwọ̀n ọ́n ni.

Ní báyìí mo ka wákàtí wa: 120 lọ́sẹ̀, iṣẹ́ yìí ń gba 48, ìyẹn ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Òun ni mo fẹ́ fi pín owó ilé àti iná. Akápò wa ní rárá, yàrá 1 nínú 4 là ń lò fún un, ìdá 25 ni kí n kọ. Èwo ló máa lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bí ayẹ̀wéwò bá dé? Olùfúnni tún fàyè gba ìdá 10 fún ìnáwó gbogboogbò. Bí mo bá fún owó ilé ní ìlà tirẹ̀, ṣé wọn ò ní sọ pé mo kà á lẹ́ẹ̀mejì?