Lẹ́tà ìjẹ́rìí iṣẹ́ láti ilé-iṣẹ́ àtijọ́: kí lẹ máa ń kọ sí wọn?

Àbíkẹ́ Òkè-Òkun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé ìwòsàn NHS kan ní Mánṣẹ́sítà ti gbà mí síṣẹ́ akọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n tó bẹ̀rẹ̀, àwọn fẹ́ ẹ̀rí gbogbo ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ láàárín ọdún mẹ́ta tó kọjá. Báǹkì kan ní Ìkẹjà ni mo wà láti oṣù kẹsàn-án 2020 sí oṣù kejì 2024. Mo kọ̀wé sí ẹ̀ka àbójútó òṣìṣẹ́ wọn pé: "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lẹ́tà tó fi hàn pé mo bá yín ṣiṣẹ́ rí." Wọn ò fèsì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba irú lẹ́tà yìí, báwo lẹ ṣe kọ tiyín?

Ọ̀gá Fáìlì
Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, inú ẹ̀ka àbójútó òṣìṣẹ́ ni mo wà. Kò sí nǹkan kan nínú ohun tẹ́ ẹ kọ tí ẹni tó kà á lè fi wá yín kàn. Nílé-iṣẹ́ ńlá, ọmọ tó ń ṣí ímeèlì yẹn láàárọ̀ ò mọ̀ yín rí, ẹ ti lọ kó tó dé. Nọ́ńbà òṣìṣẹ́ ló máa tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Bí ò bá rí nọ́ńbà, á tẹ orúkọ, á sì rí Adéyẹmí bíi ogún. Bó bá tún wá jẹ́ pé orúkọ bàbá yín ni wọ́n fi gbà yín síṣẹ́, tí ẹ wá ń fi orúkọ ọkọ kọ̀wé, kọ̀ǹpútà á ní kò séèyàn bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ mìíràn wà nílẹ̀ fún un, ó ti kọjá lọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí n tó lọ jìnnà, ẹ gbé lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ yín wò. Orúkọ ta ló wà lókè rẹ̀? Ta ló sì ń san owó oṣù sínú àkáǹtì yín?

Bàbá Ṣọ́jà
Àbúrò, má ṣe bẹ ẹnikẹ́ni. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ti sọ ọ́: láàárín ọjọ́ méje, dandan ni kí wọ́n kọ ọ́ fún ẹ. Sọ fún wọn pé lọ́yà á kàn sí wọn. Sì rí i pé wọ́n kọ iye owó oṣù rẹ sí i, kí wọ́n kọ pé òṣìṣẹ́ aláápọn ni ẹ́, àti ìdí tó o fi kúrò.

Àbíkẹ́ Òkè-Òkun
Ẹ ṣeun, bàbá. Ọ̀gá Fáìlì, mo ti wò ó. Orúkọ ilé-iṣẹ́ kan ní Yábàá ló wà lórí lẹ́tà náà, àwọn náà ló ń sanwó. Kọ́ńtíráàtì ni wá. Àmọ́ aṣọ báǹkì ni mo ń wọ̀, káàdì báǹkì ló wà lọ́rùn mi, ọ̀gá báǹkì ló ń rán mi níṣẹ́ ní gbogbo ọdún yẹn.

Ọ̀gá Fáìlì
Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Báǹkì yẹn kì í ṣe agbanisíṣẹ́ yín nínú ìwé. Ilé-iṣẹ́ Yábàá ni. Fáìlì yín ò sí ní báǹkì rárá, orúkọ yín lásán ló wà lórí ìwé tí Yábàá fi ń béèrè owó lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó lè bà á jẹ́ ju àìfèsì lọ ni pé kí NHS fúnra wọn kọ̀wé sí báǹkì. Báǹkì á dá wọn lóhùn pé àwọn ò ní òṣìṣẹ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sì sọ, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ń yẹ ìwé wò ní Mánṣẹ́sítà, irọ́ lẹ pa. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí NHS lónìí. Ẹ sọ pé ilé-iṣẹ́ Yábàá ni agbanisíṣẹ́ yín, báǹkì sì ni ibi tí wọ́n gbé yín sí, kí wọ́n tún un ṣe lórí fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ kọ. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ óò wá kọ sí Yábàá.

Bàbá Ṣọ́jà, ẹ má bínú. Ọjọ́ méje tẹ́ ẹ dá yẹn, ẹ bá wa mú abala òfin tó wà wá, nítorí èmi ò tíì kà á níbì kan. Èyí tí mo mọ̀ ni Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023. Òun fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ ní lọ́wọ́ nípa rẹ̀, kí wọ́n sì fún un ní ẹ̀dà. Ẹ lè fi gba ẹ̀dà lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ tó ti sọnù. Lẹ́tà tuntun tí wọ́n máa kọ sí ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ìyẹn. Àti pé gbàrà tí ọ̀rọ̀ lọ́yà bá ti wọ ímeèlì, ọmọ tí ì bá tẹ lẹ́tà yẹn kíá ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Á taari ẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn amòfin ilé-iṣẹ́, ibẹ̀ ló máa sùn sí.

Ní ti ìwà àti aápọn, ẹ̀ka wa kì í sábà kọ ọ́. Ohun tó wà nínú fáìlì la lè fọwọ́ sí: ọjọ́ tí èèyàn bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó kúrò, ipò tó wà. Bẹ́ ẹ bá ní ká kọ mẹ́fà, èyí tó le nínú mẹ́fà yẹn ló máa dá àwọn yòókù dúró.

Bàbá Ṣọ́jà
Mo gbọ́ ti lọ́yà. Àmọ́ àwọn kan ń béèrè ìdí tó fi kúrò o, mo ti rí i lórí fọ́ọ̀mù.

Ìyá Líìdì
Òótọ́ ni bàbá sọ níbẹ̀. Ọ́fíìsì tó ń gbani síṣẹ́ ni mo wà níbí, a máa ń rí méjèèjì. Ilé ìwòsàn mìíràn ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ tó ń fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ àtijọ́ fúnra rẹ̀, ìdí tí èèyàn fi kúrò wà lára ìbéèrè rẹ̀. Òmíràn á ní lẹ́tà lásán tó. Àbíkẹ́, ẹ bi wọ́n léèrè èyí tí wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ tó yọ Yábàá lẹ́nu, kó má baà di pé wọ́n kọ lẹ́tà tán, ẹ tún padà wá gbé fọ́ọ̀mù fún wọn.

Ohun méjì ló sábà ń dá lẹ́tà láti Nàìjíríà dúró lọ́dọ̀ wa. Àkọ́kọ́ ni ímeèlì. Bí lẹ́tà bá ti inú Gmail wá, bó ti wù kí àmì ilé-iṣẹ́ orí ẹ̀ dán tó, a ò lè gbà á bẹ́ẹ̀. Àwa náà ní láti wá nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ yẹn síta, ká pè wọ́n. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá sì gba PDF náà tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, a tún máa kọ̀wé padà sí ẹni tó fọwọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí orúkọ, ipò àti ímeèlì iṣẹ́ ẹni náà hàn lábẹ́ ìbuwọ́lùwé rẹ̀.

Èkejì ni ọjọ́. Ká ní ọjọ́ kejì oṣù kejì 2024 lẹ jókòó sídìí tábìlì kẹ́yìn, tẹ́ ẹ wá fi ọjọ́ ìsinmi tó kù parí oṣù. Ẹ̀yin á kọ 2 oṣù kejì sórí fọ́ọ̀mù, ilé-iṣẹ́ á kọ 29. Nǹkan kékeré lójú yín, ṣùgbọ́n ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò gbọ́dọ̀ béèrè ìdí tí wọn ò fi dọ́gba. Ẹ lo ọjọ́ tó wà nínú lẹ́tà tí wọ́n fi gba ìfiṣẹ́sílẹ̀ yín. Bákan náà ni ti ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ wọlé ni, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n sọ yín di òṣìṣẹ́ pátápátá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Dípọ̀
Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ń fẹ́ kí ọ́fíìsì mi kọ lẹ́tà fún físà, kí iye owó oṣù mi hàn níbẹ̀. Ṣé èyí tẹ́ ẹ ń sọ ni?

Ìyá Líìdì
Rárá o, Dípọ̀. Ọ́fíìsì tẹ́ ẹ ṣì wà ni ìyẹn, owó sì ni wọ́n ń wò níbẹ̀.

Ọ̀gá Fáìlì
Àbíkẹ́, ẹ kọ ọ́ báyìí. Gẹ̀ẹ́sì lẹ óò fi kọ ọ́ sí wọn lóòótọ́, ohun tí yóò wà nínú rẹ̀ nìyí. Ibi tí mo bá kọ "báyìí" sí, ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀:

> Àkòrí: Ìbéèrè fún lẹ́tà ìjẹ́rìí iṣẹ́, orúkọ yín, nọ́ńbà òṣìṣẹ́ yín
>
> Sí ẹ̀ka àbójútó òṣìṣẹ́,
>
> Mo jẹ́ òṣìṣẹ́ yín láti 14 oṣù kẹsàn-án 2020 títí di 29 oṣù kejì 2024. Ẹ gbé mi lọ sí báǹkì báyìí, ẹ̀ka Ìkẹjà, níbi tí mo ti ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Orúkọ tó wà nínú fáìlì yín ni báyìí. Láti ìgbà tí mo ti ṣègbéyàwó, báyìí ni mo ń jẹ́.
>
> Agbanisíṣẹ́ mi tuntun fẹ́ kí ẹ jẹ́rìí sí ohun mẹ́ta: ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí mo kúrò, àti ipò tí mo wà kẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé tó ní àmì ilé-iṣẹ́ yín, kí ẹni tó bá fọwọ́ sí i kọ orúkọ, ipò àti ímeèlì iṣẹ́ rẹ̀ sí i. Ẹ fi ránṣẹ́ tààrà sí ímeèlì agbanisíṣẹ́ mi tuntun, báyìí, kí ẹ fi èmi náà sí i. Mo fọwọ́ sí i pé kí ẹ fún wọn ní ìròyìn yìí nípa mi. Wọ́n ń retí rẹ̀ kó tó di ọjọ́ báyìí.
>
> Mo so lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ mi, lẹ́tà tí ẹ fi gba ìfiṣẹ́sílẹ̀ mi, ìwé owó oṣù mi tó kẹ́yìn àti ìwé ìgbéyàwó mi mọ́ ọn.

Ẹ má yọ gbólóhùn "mo fọwọ́ sí i" yẹn kúrò. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á padà wá gbà á lọ́wọ́ yín kó tó sọ ohunkóhun fún ẹlòmíràn. Nọ́ńbà òṣìṣẹ́ yín wà lórí ìwé owó oṣù, lókè lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín.

Ìyá Líìdì
Kẹ́ ẹ fi ọ̀gá yín àtijọ́ ní báǹkì náà sí ímeèlì yẹn. Ó lè bá yín tì í.

Ọ̀gá Fáìlì
Èmi ò ní fi í sí i o. Ọ̀gá báǹkì ò láṣẹ ní Yábàá, àti pé òmíràn á dédé fèsì, á sọ ọjọ́ tí kò dá a lójú. Nígbà náà, ọjọ́ méjì tó yàtọ̀ síra ló wà nílẹ̀.

Ìyá Líìdì
Bí ẹ ò bá fi í sí i, Yábàá lè má dáhùn láéláé. A ti rí i bẹ́ẹ̀ náà.

Kọ́lá Mọkáníìkì
Ilé-iṣẹ́ tèmi ti kógbá sílé, kò sẹ́ni tí mo lè kọ̀wé sí. Ṣé mo ti kú nìyẹn?

Ìyá Líìdì
Ẹ kàn sí àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín, kí wọ́n fún yín ní àkọsílẹ̀ àkáǹtì RSA. Ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n yọ nínú owó yín àti ìdá mẹ́wàá tí ilé-iṣẹ́ fi kún un máa hàn níbẹ̀ lóṣooṣù, pẹ̀lú ẹni tó san án. Ẹ fi àkọsílẹ̀ báǹkì tó ń fi owó oṣù hàn tì í. Kò ní sọ ipò tẹ́ ẹ wà, bí ilé-iṣẹ́ yẹn ò bá sì sanwó déédéé, àwọn oṣù kan á ṣófo. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ kí wọ́n tó béèrè.

Àbíkẹ́ Òkè-Òkun
Mo ti kọ̀wé sí NHS, wọ́n ti tún fọ́ọ̀mù ṣe, wọ́n ní lẹ́tà lásán tó. Yábàá náà ti dáhùn: wọ́n ti rí fáìlì mi, ṣùgbọ́n wọ́n ní mi ò tíì parí ìwé ìkúrò, torí káàdì báǹkì ò padà. Ó wà nílé ẹ̀gbọ́n mi l'Ágége.

Ọ̀gá Fáìlì
Kí ẹ̀gbọ́n yín gbé e lọ sí Yábàá, kì í ṣe sí báǹkì. Kí wọ́n má fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́dẹ o. Kí wọ́n gba ìwé tó ní òǹtẹ̀ àti ọjọ́, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Inú ímeèlì kan náà tí Yábàá fi dá yín lóhùn ni kẹ́ ẹ so ó mọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ tuntun.