Àbọ̀ lórí ìkéde sísan owó àwọn tó ń kó ọjà wá

Ìbéèrè mi: “Báwo ni mo ṣe máa kọ ‘ìfiwéra alápá mẹ́ta ṣáájú ìyọ̀ǹda ìsanwó’ kó lè yé àwọn ará ilé ìkẹ́rù?” Ìyẹn ni pé ká fi ìwé tí a fi béèrè ọjà, ìwé ẹ̀rí ọjà tó dé àti ínfóìsì wéra ká tó sanwó.

Ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn, ẹ ṣeun gan-an ni. Àbá àǹtí tó ń ṣiṣẹ́ àkáǹtì ni mo tẹ̀ lé: kí n sọ ohun tí oníkálukú máa ṣe, kí n sì fi àpẹẹrẹ gbè é. Ohun tí mo kọ nìyí:

“Bí a bá béèrè dísẹ̀lì 500 lítà, tó jẹ́ 450 ló dé, 450 ni kí ẹ kọ sínú ìwé ẹ̀rí ọjà, kí ẹ sì buwọ́ lù ú. Bí ínfóìsì bá ní 500, a ò ní sanwó títí ẹni tó kó o wá á fi tún un kọ. Ẹni tó béèrè ọjà ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí owó rẹ̀.”

Ẹni tó ní kí n yọ orúkọ àwọn ìwé náà kúrò ò jìnnà sóòótọ́, àmọ́ orúkọ yẹn ló wà lórí fọ́ọ̀mù, mo fi sílẹ̀. Bàbá tí wọ́n jẹ lówó láti èṣí, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ o. Ẹ mú ínfóìsì yín tọ ẹ̀ka ìsanwó lọ.

Ọ̀kan ṣẹ́ kù: bí wọ́n bá tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, tí kò sí ọjà tí a máa kà, ta ló máa buwọ́ lù ú pé iṣẹ́ parí? Ọ̀gá wa ò tíì dáhùn.