Àkọlé "Ẹ káàbọ̀ sí Ìlú Aró", àti ohun tí wọ́n ń tà gan-an

Aṣewẹ́ẹ̀bù Òkè-Fìà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ ní kí oníkálukú wá sọ tirẹ̀ lórí ojú ìwé àkọ́kọ́ wẹ́ẹ̀bù tó kún fọ́fọ́ tí àlejò ò sì mọ ohun tó ń sọ. Tèmi rèé.

Ìyá àti ọmọ kan ń rẹ àdìrẹ níbí ní Òṣogbo. Aṣọ ẹbí ló ń mú owó wọlé fún wọn jù, ìgbéyàwó àti òkú àgbà pàápàá. Ọmọ ló pè mí. Ó ní àwọn èèyàn ń wọ orí wẹ́ẹ̀bù àwọn dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé orí Wọ́sáàpù, ìbéèrè tí wọ́n ń bèèrè ni "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ ń tà?" Ẹnì kan tilẹ̀ bèèrè bóyá wọ́n lè mú òun àti àwọn ọmọ òun lọ wo igbó Ọ̀ṣun.

Mo ṣí i lórí fóònù mi. Lókè pátápátá, àwòrán márùn-ún ló ń yí fúnra wọn. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ àwòrán igbó Ọ̀ṣun, wọ́n sì kọ "Ẹ káàbọ̀ sí Ìlú Aró" sórí rẹ̀. Ọmọ Òṣogbo tó bá kà á, orí rẹ̀ á wú, torí aró wà nínú oríkì wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Àkúrẹ́, tó ń wá aṣọ tí ọgbọ̀n èèyàn máa wọ lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, kò ní í ka oríkì sí i. Láti 2005 ni àjọ Yunẹ́síkò ti kọ igbó yẹn mọ́ ogún àgbáyé. Ẹni tó bá rí àwòrán rẹ̀, ìrìn-àjò afẹ́ ni ọkàn rẹ̀ ń lọ. Àwòrán kẹta ló ní aṣọ ẹbí nínú, kí ó sì tó yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àlejò ti lọ.

Lábẹ́ àwòrán ni ìkíni wà, lẹ́yìn náà ìtàn ìyá, "Ìlépa Wa", "Ìdí tó fi yẹ kí ẹ yàn wá", àti àwòrán aṣọ rẹpẹtẹ láìsí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ wọn. Iye owó wà nínú fáìlì pí-dí-ẹ́ẹ̀fù ní ìsàlẹ̀, ibi tí dátà ẹlòmíì ò ní gbé e dé.

Mi ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan tí mo fi gbé fóònù fún àwọn tí wọn ò mọ ìyá yẹn rí. Télọ̀ kan wà nínú wọn, obìnrin tó ń ta káàdì ní Ọláìyá wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì wà níbẹ̀. Màá jẹ́ kí wọ́n wò ó fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, màá gba fóònù padà, màá wá bèèrè: kí ni wọ́n ń tà, ta ni wọ́n ń tà á fún, bó o bá fẹ́ rà, ibo lo máa tẹ̀? Mi ò bèèrè bóyá ó rẹwà. Ta ló máa sọ lójú èèyàn pé iṣẹ́ rẹ̀ ò dáa? Télọ̀ yẹn, tó ń fọwọ́ kan aṣọ láti àárọ̀ dalẹ́, ní "àwọn tó ń ṣe ọdún Ọ̀ṣun" ni. Èyí tún yé mi ju gbogbo ohun tí ọmọ yẹn ti sọ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, èmi àti ọmọ jókòó ti Wọ́sáàpù rẹ̀. Àwọn oníbàárà tó sanwó nígbẹ̀yìn nìkan la kà, a sì ń kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ bèèrè sílẹ̀, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra lẹ́nu gbogbo wọn: èló ni ẹyọ kan, èèyàn mélòó ló kéré jù, ọ̀sẹ̀ mélòó ló máa gbà, ṣé kò ní yọ aró sí wa lára? Kò sẹ́ni tó bèèrè ìlépa. Ìtàn ìyá kò wá sókè àfi ìgbà tí wọ́n fẹ́ san àsansílẹ̀, torí wọ́n fẹ́ mọ̀ pé èèyàn gidi ló ń gba owó wọn.

Bí wọ́n ṣe ń bèèrè náà la ṣe to ojú ìwé. Iye owó kúrò nínú fáìlì, ó bọ́ sí ipò kejì, iye èèyàn àti ọ̀sẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ fífọ̀ aṣọ àti aró tó ń yọ tẹ̀ lé e, pẹ̀lú àwòrán aṣọ tí wọ́n ti fọ̀. Ìtàn ìyá wá wà lókè bọ́tìnì tí wọ́n fi ń san àsansílẹ̀ gan-an.

Àkọlé ló gba wàhálà. Ọmọ kọ́kọ́ mú "Àdìrẹ tó dára jù ní Òṣogbo" wá. Mo ní kó fi orúkọ ilé aláró mìíràn síwájú ẹ̀ wò, bó bá ṣì bá wọn mu, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tiwọn. Ibi tá a dúró sí nìyí:

```html
<h1>Àdìrẹ aṣọ ẹbí, láti ogún èèyàn sókè</h1>
<p>Ẹ yan bátànì àti àwọ̀. A ó rẹ ẹ́ ní Òṣogbo
láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ó sì fi ránṣẹ́ sí yín.</p>
<a href="#owo">Wo iye owó</a>
```

"Ogún èèyàn sókè" yẹn da ọmọ láàmú, ó ní ẹni tó fẹ́ ìró kan ṣoṣo á sá lọ. Mo ní ẹ ò kúkú lérè lórí ìyẹn, ìyá náà sì gbà pẹ̀lú mi.

Ọmọ Ayétòrò

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń da ara yín láàmú lórí ètò ìsàlẹ̀? Kò sẹ́ni tó ń fa ojú ìwé sísàlẹ̀ mọ́. Èmi, gbogbo nǹkan ni mo máa ń kó sókè: iye owó, nọ́ńbà, àdírẹ́ẹ̀sì, àwòrán. Ẹni tó bá fẹ́ rà á rí i lójú kan náà.

Aṣewẹ́ẹ̀bù Òkè-Fìà

Àbúrò, ìdajì òótọ́ lo sọ. Òkè gbọ́dọ̀ dá dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó o bá kó gbogbo nǹkan jọ síbẹ̀, fóònù kékeré á wá kún fọ́fọ́, àwọn tí mo ní kí wọ́n wò ó kò ní lè dárúkọ ẹyọ kan. Àwọn èèyàn ń fà á sísàlẹ̀ bí òkè bá ti fún wọn ní ìdí láti fà á. Ohun tó ń dá wọn dúró ni àwòrán tó gba gbogbo ojú fóònù tán, tó dà bíi pé ojú ìwé ti parí síbẹ̀. Nílé aláró yẹn, mo gé gíga àwòrán kù kí orí apá tó kàn lè yọ díẹ̀ nísàlẹ̀, kí ojú lè mọ̀ pé nǹkan ṣì ń bẹ.

Bàbá Pátákó

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ti pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù lẹ ń sọ? Torí èmi náà yọ nǹkan kúrò lórí tèmi lójú títì Ìlobùú. A kọ fọ́tò, fọ́tòkọ́pì, ìwé ìgbéyàwó, títẹ àwòrán sára ife àti ẹ̀wù, sítáǹbù àti ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà sí i. Ọlọ́kadà ń kọjá, kò lè ka ìkankan. Mo ní kí wọ́n kọ "Ìwé Ìpè Ìnáwó" gàdàgbà, ìyókù ń bẹ nínú ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ fọ́tòkọ́pì wá dínkù o, mi ò ní í purọ́ fún yín.

Àǹtí Bàtíìkì

Bàbá, ti wẹ́ẹ̀bù ni wọ́n ń sọ o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fọ́tòkọ́pì tẹ́ ẹ sọ yẹn dùn mọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n Aṣewẹ́ẹ̀bù, mi ò fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Àwòrán bàtíìkì tí wọ́n ń gbé kọ́ sára ògiri ni mò ń tà, àwọn ará òkè òkun ló sì ń rà á jù. Ẹni tó ṣe wẹ́ẹ̀bù mi gbé ìtàn mi lọ sí ìsàlẹ̀, ó gbé iye owó sókè gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Àwọn tó ń kọ lẹ́tà sí mi yí padà. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á bi mí nípa ọwọ́ tó ṣe é, nípa ọ̀dà àbẹ́là àti aró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń nájà. Mo dá a padà. Lójú tèmi, ìtàn yẹn ni ọjà.

Aṣewẹ́ẹ̀bù Òkè-Fìà

Ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, àǹtí. Àwọn tó ń ra tiyín ń bèèrè ẹni tó ṣe é kí wọ́n tó bèèrè owó, ètò tiyín ò lè bá ti aṣọ ẹbí mu. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ohun tí ẹ máa ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra àwòrán àti ẹni tó fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ bá jọ wọ ẹnu ọ̀nà kan náà. Lọ́dọ̀ ìyá aláró, àwọn tó fẹ́ kọ́ àdìrẹ wà. A fún wọn ní ìlà kékeré kan lókè, "Ṣé ẹ fẹ́ kọ́ aró?", ó gbé wọn lọ sí ojú ìwé tiwọn. Àkọlé ò lè sin ọ̀gá méjì.

Mùsì Kóòdù

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kékeré kan kún un, torí ó ti ká mi mọ́ níbi iṣẹ́ kan. Bí ẹ bá ń ṣí àwọn apá ojú ìwé nípò, ẹ má ṣe yí `id` wọn padà. Oníbàárà mi ti fi líǹkì tó parí sí `#iye-owo` ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lórí Wọ́sáàpù. Ẹlẹgbẹ́ mi tún ètò tò, ó sì sọ apá náà ní `#prices`. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá tẹ líǹkì àtijọ́ máa ń balẹ̀ sókè ojú ìwé ni. Kò sí àṣìṣe kankan tó hàn, nítorí náà kò sẹ́ni tó mọ̀, àfi ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè iye owó tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo `<title>` náà. Òun ni Gúgù sábà máa ń fi hàn. Bí àkọlé ojú ìwé bá ti di aṣọ ẹbí tí `<title>` ṣì ń kí èèyàn káàbọ̀ sí Ìlú Aró, àlejò á ti ṣìnà kó tó wọlé.

Ọmọ Ayétòrò

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Fìà, ẹ ò tíì sọ bóyá owó pọ̀ sí i.

Aṣewẹ́ẹ̀bù Òkè-Fìà

Ìpè pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n Dìsẹ́ḿbà ń bọ̀ lọ́nà nígbà tá a gbé e jáde, aṣọ ẹbí sì máa ń pọ̀ nígbà yẹn lọ́dọ̀ gbogbo aláró. Mi ò lè gbé gbogbo rẹ̀ fún àkọlé. Ohun tí mò ń wò ni gbólóhùn àkọ́kọ́ tí èèyàn ń kọ ránṣẹ́. "Kí lẹ ń tà?" ti dáwọ́ dúró. Ohun tó ń wọlé báyìí ni "Ẹ kú iṣẹ́ mà, èèyàn márùndínlógójì ni wá, ṣé aró dúdú àti àwọ̀ ọsàn lè jọ wà lórí bátànì kejì yẹn?" Ọmọ náà ní òun kì í ṣàlàyé ara òun mọ́ kí òun tó dárúkọ owó.

Télọ̀ yẹn ni mo tún gbé e fún láìpẹ́. Ó rí aṣọ ẹbí, ó rí ogún èèyàn, ṣùgbọ́n kò rí bọ́tìnì, torí àwọ̀ rẹ̀ bá ti aṣọ inú àwòrán mu jù. Ìyẹn la ń tún ṣe lọ́wọ́.

Àǹtí Bàtíìkì

Ẹ bá mi fi tèmi náà han télọ̀ yẹn.