Àwòkọ, àbùlà, apọ́netí: orúkọ wo ló yẹ ọ̀nà mẹ́ta tí à ń gbà sọ àwòrán di ńlá?

Atúmọ̀: Ẹ̀yin ará, mò ń túmọ̀ ojú ìwé kan nínú ètò àwòrán, níbi tó ti ń béèrè ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà máa gbà sọ àwòrán di ńlá. Mẹ́ta ló wà níbẹ̀: `nearest neighbour`, `bilinear` àti `Lanczos`. Mo kọ "aládùúgbò tó sún mọ́ jù" fún àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò dùn létí mi. Kí lẹ máa pè wọ́n, tí ẹni tó ń ya àwòrán onípíksẹ́lì àti ẹni tó ní fọ́tò lọ́wọ́ á fi mọ èyí tó yẹ kí wọ́n mú?

Ayàwòrán Eré: Èèyàn ló ń jẹ́ aládùúgbò. Iṣẹ́ tí ọ̀nà náà ń ṣe ni kó o fi sọ ọ́ lórúkọ. Fún gbogbo píksẹ́lì tuntun, ó ń wo píksẹ́lì àtijọ́ tó sún mọ́ ọn jù, ó sì ń kọ àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwòkọ nìyẹn. `None` ni ètò àwòrán GIMP tilẹ̀ pè é, torí pé kò da àwọ̀ kankan pọ̀. Èmi tí mò ń ya àwòrán fún eré, òun nìkan ni mò ń lò, kò sì lè ba iṣẹ́ mi jẹ́ láé. Èkejì, àbùlà ni kó o pè é: ṣe ló ń bu omi la àwọ̀ mi.

Ògbólógbòó: Mo fara mọ́ àwòkọ. "Láé" yẹn ni mi ò gbà. Jẹ́ ká mú orí èèyàn kan tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 16, tó dọ́gba lọ́tùn-ún lósì, tí ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ píksẹ́lì kan, ọ̀kan ní òpó kẹfà, èkejì ní òpó kọkànlá. Sọ ọ́ di 32, 48 tàbí 64, gbogbo òpó á gba 2, 3 tàbí 4, wọn á sì dọ́gba. Ṣùgbọ́n tó o bá sọ ọ́ di 24, òpó kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ sí 1.5, àwòkọ ò sì lè gé píksẹ́lì sí méjì. Ohun tó máa ṣe ni pé á fún òpó kan ní 1, á fún èyí tó tẹ̀lé e ní 2, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Ojú kan á tín-ín-rín, èkejì á fẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Tí ẹni yẹn bá wá ń rìn lójú eré, ojú rẹ̀ á máa fẹ̀, á máa sún kì, bó ṣe ń ti orí òpó kan bọ́ sórí èkejì.

Nítorí náà, ìlọ́po tó pé ni kó o máa lò. Tí àyè tó o ní bá jẹ́ 24 gan-an, fi àwòkọ sọ ọ́ di 48, kó o wá fi ọ̀nà tó ń da àwọ̀ pọ̀ dín in kù sí ìdajì. Etí àwọn òpó kan á rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú méjèèjì á dọ́gba. Fún ìlọ́po tó pé, o lè fi iye àwọ̀ yẹ iṣẹ́ rẹ wò nínú ImageMagick:

```
magick ori.png -filter point -resize 400% ori4.png
magick identify -format "%k\n" ori4.png
```

Tí àwọ̀ mẹ́rin lo fi kun ún, 4 ló gbọ́dọ̀ jáde. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan kan ti da àwọ̀ pọ̀ lẹ́yìn rẹ.

Bàbá Olùkọ́: Mo gbà àwòkọ, ṣùgbọ́n ẹ gbé àbùlà kúrò níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá bù là, wọ́n ti bà á jẹ́ ni. Ṣé bó ṣe rí fún ẹni tó ní fọ́tò náà nìyẹn? Bí mo ṣe gbọ́ ọ, píksẹ́lì mẹ́rin tó yí ojúkò kan ká ló ń wò, èyí tó sún mọ́ ọn á sì ní ìpín tó pọ̀ jù. Àdàpọ̀ ni. Ẹni tó ní fọ́tò ò ní bínú sí àdàpọ̀. Ẹ̀kẹta, wọ́n ní etí nǹkan máa ń mú lójú rẹ̀ bí ọ̀bẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Mo dábàá apọ́netí.

Ayàwòrán Eré: Bàbá, tí a kò bá fi àmì sí i, àpọ́n ni ojú máa kọ́kọ́ rí níbẹ̀.

Àǹtí Onífọ́tò: Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó yan orúkọ, ẹ bá mi yan ọ̀nà náà. Mo gé àwòrán ẹnì kan kúrò níbi tó dúró sí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri aláwọ̀ eérú kan tó mọ́lẹ̀, mo wá sọ fọ́tò náà di ńlá ní ìlọ́po mẹ́ta. Èyí tí ẹ ń pè ní àwòkọ sọ èjìká rẹ̀ di àtẹ̀gùn. Mo wá mú `Lanczos`, torí gbogbo èèyàn ló ní òun ló dára jù fún fọ́tò. Ìlà funfun kan wá yí irun rẹ̀ ká. Ibo ni mo ti ṣì í?

Ògbólógbòó: Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ yín gan-an ni mi ò fi fẹ́ apọ́netí. Ọ̀nà yìí ń wo píksẹ́lì 6 ní ìbú àti 6 ní òòró, 36 lápapọ̀. Lórí ìlà kan ṣoṣo, méjì tó sún mọ́ jù ló ń fi kún iye àwọ̀, méjì tó tẹ̀lé wọn ń yọ kúrò, àwọn tó jìnnà jù ń dá díẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ ká ní ìmọ́lẹ̀ irun jẹ́ 50, ti ògiri jẹ́ 200; bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni àwọ̀ ṣe ń sún mọ́ funfun. Tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ mọ ohun tó wà láàárín píksẹ́lì ògiri kìíní àti ìkejì lẹ́yìn irun, àdàpọ̀ á ní 200, torí pé 200 ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kẹta nawọ́ dé inú irun, ó sì yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ kúrò. Irun ti dúdú, ohun tó yọ kò tó ohun tó yẹ, iye náà sì fò sókè dé nǹkan bíi 217. Ògiri yín ò ní 217 níbì kankan. Ìlà funfun yín nìyẹn. Lọ́wọ́ irun náà, 50 á wálẹ̀ sí bíi 33, ṣùgbọ́n ojú kì í tètè rí i nínú dúdú.

Nínú fọ́tò tí wọn ò gé, etí irun máa ń rọra kọjá láti 50 dé 200 lórí píksẹ́lì mélòó kan, nítorí náà ìfò yìí á kéré débi pé ẹ ò ní rí i, etí náà á sì mọ́ ju ti àdàpọ̀ lọ. Àlùmọ́gàjí tó gé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló fà á. Ẹ sọ fọ́tò àkọ́kọ́ ẹni náà àti ògiri di ńlá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tó gé e, kí ẹ sì tó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Tí fọ́tò àkọ́kọ́ ò bá sí mọ́, ẹ lo àdàpọ̀, kí ẹ fara mọ́ rírọ̀ díẹ̀. Ìdí kan náà ni ọ̀nà yìí ò fi bá àwòrán onípíksẹ́lì lọ: gbogbo etí ibẹ̀ ló gé báyẹn.

Bàbá Olùkọ́: Ṣùgbọ́n ìwọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé etí á mọ́ ju ti àdàpọ̀ lọ. Kí ló wá kù nínú pípọ́n?

Ògbólógbòó: Bàbá, ẹni tó ní fọ́tò tó ṣú máa rò pé pípọ́n á dá ohun tó sọnù padà. Kò lè dá a padà. Orúkọ onímọ̀ ìṣirò ará Họ́ńgárì kan tí wọ́n bí ní 1893 ni `Lanczos`. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ ní Láńsọ̀ọ̀ṣì, kó dúró bẹ́ẹ̀.

Bàbá Olùkọ́: Orúkọ ẹni ò sọ iṣẹ́ fún ẹni tó fẹ́ yan. Mi ò tíì gbà.

Atúmọ̀: Mo ti fi àwòkọ àti àdàpọ̀ sí i. Ní ti ẹ̀kẹta, mo fi Láńsọ̀ọ̀ṣì sí i fún ìsinsìnyí, mo sì kọ ìlà kan sábẹ́ rẹ̀: "fún fọ́tò tí wọn ò gé lẹ̀ mọ́ nǹkan". Bàbá, ṣé ìlà yẹn ṣe iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kí orúkọ ṣe?

Bàbá Olùkọ́: Ó ṣe ìdajì rẹ̀, ọmọ mi. Fún mi ní àyè kí n tún rò ó.