Lẹ́tà líìfù tí mo kọ nítorí oyè Mọ́gàjí

Ọmọ Agbolé: Ẹ kú ìjókòó o. Ìdílé wa ní Ìbàdàn fà mí kalẹ̀ láti jẹ Mọ́gàjí, Olúbàdàn sì ti fọwọ́ sí i. Ilé ìtọ́jú arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba. Nígbà tí mo mẹ́nu kàn án, máníjà mi bi mí pé ṣé àbúrò mi ò lè bá mi gbà á ni. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ó rò pé ẹ̀bùn ni wọ́n fẹ́ fún mi.

Ìbéèrè yẹn ni mo fi lẹ́tà dáhùn. Mi ò sọ̀rọ̀ àṣà rẹpẹtẹ. Mo ní: "Ìdílé mi ti yàn mí ṣe olórí agbolé wa. Èmi ni wọn yóò máa gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti aáwọ̀ ẹbí wá bá, èmi ni yóò sì máa ṣojú wọn ní ààfin. Ààfin ló dá ọjọ́, kì í ṣe èmi. Ẹni tó ń jẹ oyè ni wọ́n ń fi ewé akòko sí lórí. Bí n kò bá sí níbẹ̀, kò sí ìwúyè." Lẹ́yìn náà ni mo kọ ọjọ́ tí n óò lọ, ọjọ́ tí n óò wọlé padà, àti orúkọ ẹni tó gbà láti bá mi di iṣẹ́ alẹ́ mú.

Àrẹ̀mọ: Kí lo ń ṣàlàyé fún? Òfin ibẹ̀ ní dandan ni kí wọ́n fún ẹ láàyè tó bá ti jẹ́ ti àṣà.

Ìyá Ìbejì: Èmi, ìsìnkú bàbá mi ni tèmi. Mo ti gba ààyè ọ̀fọ̀ nígbà tí wọ́n kú, ìsìnkú wá bọ́ sí oṣù mìíràn. Ọ̀gá mi rò pé èèyàn méjì ló kú! Mo ní láti kọ ọ́ pé bàbá kan náà ni, àwọn ẹbí ló dá ọjọ́ ìsìnkú.

Agbẹjọ́rò Àdúgbò: Àrẹ̀mọ, òfin bẹ́ẹ̀ ò sí. Inú líìfù ọdọọdún ló ti máa yọ ọ́. Bí ìwé àdéhùn iṣẹ́ ò bá sọ nǹkan mìíràn, ẹni tó fẹ́ ọjọ́ 5 gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́ ní ọjọ́ 10 ṣáájú. Ọ̀gá lè kọ̀, àmọ́ ó kéré tán, kó sọ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 5 ṣáájú.

Àrẹ̀mọ: Ẹ̀gbọ́n mi gbà á láìtọrọ, ṣá.

Agbẹjọ́rò Àdúgbò: Ọ̀gá rere ló ní. Ọmọ Agbolé, bí ààfin bá wá sún ọjọ́ ńkọ́?

Ọmọ Agbolé: Mo ti fi kún un pé ọjọ́ lè yẹ̀, pé mo ṣe tán láti gba ìyókù láìgbowó. Wọ́n ti fún mi ní líìfù tí mo tọrọ, àmọ́ máníjà ò tíì sọ nǹkan kan lórí ti ọjọ́ tó lè yẹ̀ yẹn.